Bí Onílé Bá Ṣàdédé Fi Owó Kún Owó Ilé, Tàbí Tó Bá Di Owó Kọ́ṣọ̀n Yín Mú
Ìwé ìlàlóye fún ayálégbé ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Àwọn tí ìwé yìí wà fún

Òfin tó wà láàárín onílé àti ayálégbé ní Èkó ni Òfin Ilé Yíyá ti ọdún 2011. Ó kan ilé gbígbé, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ kò kan Àpápá, Jíáréè Ìkẹjà, Ìkòyí àti Fitóríà Áílàndì. Bí ẹ bá ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn, ẹ kọ́kọ́ fi ìwé àdéhùn yín han lọ́yà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yín.

Tí wọ́n bá fi owó kún owó ilé lójijì

Onílé àti ayálégbé ló jọ ń fẹnu kò lórí owó ilé. Ọdún tí ẹ ti san owó rẹ̀, onílé kò lè dá a gbé kún un kí ọdún náà tó pé, àyàfi tí àdéhùn yín bá fún un láyè. Bí ọdún bá parí, ó lè béèrè iye tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tó ń béèrè ni, kò tíì di gbèsè sí yín lọ́rùn níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì gbà.

Dídákẹ́ ló máa ń kó ayálégbé sí wàhálà. Bí onílé bá kọ̀wé pé iye báyìí ni owó ilé láti oṣù báyìí, tí ẹ kò fèsì, tí oṣù náà dé tí ẹ ṣì wà nínú ilé, kóòtù lè sọ pé ẹ ti gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan ní Agége ń san ₦600,000 lọ́dún fún yàrá méjì àti pálọ̀. Nígbà tó ku oṣù kan kí owó rẹ̀ tán, ẹ́jẹ́ǹtì kọ̀wé sí i lórí fóònù pé owó ilé ti di ₦1,200,000, pé bí kò bá lè san án, kó palẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó fèsì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kó sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

*“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo rí ìwé tí ẹ kọ lórí owó ilé. N kò fara mọ́ ₦1,200,000 náà. Owó tí a jọ fẹnu kò sí ni ₦600,000, màá sì san án bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Mo ṣe tán láti jókòó bá yín sọ ọ́.”*

Bí ọjọ́ bá pé, kó fi ₦600,000 náà ránṣẹ́ láti báńkì, kó sì kọ ọ́ sí i pé owó ilé ni àti ọdún tó wà fún. Bí onílé bá dá owó náà padà, kó má ná an, kó sì tọ́jú ẹ̀rí pé òun san án. Ẹni tó jẹ owó ilé ni ọ̀rọ̀ máa ń le fún jù ní kóòtù.

Tí ìjíròrò kò bá yọrí sí rere, ẹsẹ 37 òfin náà gba ayálégbé tó wà nínú ilé láyè láti sọ fún kóòtù pé àfikún náà pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Kóòtù á wo iye tí wọ́n ń gba lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà, á gbọ́ ẹ̀rí ìhà méjèèjì, á sì wo bí ilé náà fúnra rẹ̀ ṣe rí. Ó lè dá owó náà sí iye mìíràn. Nítorí náà, bí aládùúgbò tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń san ₦750,000, rìsíìtì rẹ̀ àti ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ á wúlò gan-an. Títí ẹjọ́ náà á fi parí, onílé kò gbọdọ̀ lé ayálégbé jáde, kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìwé kúrò-nílé.

Ẹsẹ yìí ní ibi tó mọ. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé àdéhùn pé onílé lè fi iye kan kún un lẹ́yìn àkókò kan, ohun tí ẹ fọwọ́ sí ló máa lékè. Bí ẹjọ́ bá sì ti parí, onílé ṣì lè gba ilé rẹ̀ lọ́nà tó bófin mu. Ìwé kúrò-nílé oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí ẹni tó ń san owó ọdọọdún, tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá ti fẹnu kò sí nǹkan mìíràn.

Tí wọ́n bá di owó kọ́ṣọ̀n mú

Owó kọ́ṣọ̀n ni owó tí onílé gbà mọ́ owó ilé, kó lè fi tún ohun tí ayálégbé bá bà jẹ́ ṣe. Ẹsẹ 10 sọ pé kí onílé fún yín ní rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún un. Ó tún sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná owó náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà.

Ohun tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó gbó. Ọ̀dà tó ṣá lára ògiri lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ti gbó ni. Ọrùn ayálégbé kọ́ ló wà, àyàfi tó bá ti fọwọ́ sí i pé òun á kun ilé kóun tó jáde. Àmọ́ gíláàsì fèrèsé tó fọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ká ní obìnrin Agége yẹn fẹ́ kó jáde, tí kọ́ṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ₦100,000. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, kí òun àti ẹ́jẹ́ǹtì jọ yẹ ilé wò láti yàrá dé yàrá, kó ya fọ́tò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá rí gíláàsì méjì tó fọ́ àti ẹ̀rọ omi kan tó kán, tí àtúnṣe wọn jẹ́ ₦18,000, ₦82,000 ló yẹ kó padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bí onílé bá ní gbogbo rẹ̀ ti bá ọ̀dà lọ, kó béèrè àkọsílẹ̀ àti rìsíìtì iṣẹ́ náà.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Sítísìnsì Midiéṣọ̀n Sẹ́ńtà, ilé-iṣẹ́ ìlàjà tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ránṣẹ́ pe onílé, ẹ̀yin méjèèjì á sọ tẹnu yín, wọ́n á sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀ kí ẹ fọwọ́ sí i. Wọn kì í dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí onílé bá kọ̀ tí kò yọjú, kóòtù ló kàn.

Fún kọ́ṣọ̀n, ẹ lọ sí ẹ̀ka kóòtù májísíréètì tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí iye rẹ̀ dá lójú, tí kò sì ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó náà lọ́wọ́ onílé. Ẹ lè ro ẹjọ́ yín fúnra yín láìgba lọ́yà, ìlànà ibẹ̀ sì ni pé kí ìdájọ́ wáyé láàárín 60 ọjọ́. Ẹjọ́ àfikún owó ilé kì í lọ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá lówó lọ́yà fún ìyẹn, ẹ kàn sí Ọ́fíìsì Pọ́blíìkì Difẹ́ńdà ti ìjọba Èkó.

Ẹ mú ìwé àdéhùn, rìsíìtì owó ilé, rìsíìtì kọ́ṣọ̀n, ẹ̀rí báńkì, fọ́tò àti gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti onílé kọ síra yín dání. Bí onílé bá kọ̀ láti fún yín ní rìsíìtì, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, nítorí òfin sọ ọ́ di dandan fún un.

Tí onílé bá lo agbára

Onílé tó bá halẹ̀ mọ́ ayálégbé, tó yọ òrùlé ilé kí ayálégbé lè kúrò, tàbí tó fipá lé e jáde láìsí àṣẹ kóòtù, ti lòdì sí ẹsẹ 44. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó oṣù mẹ́fà. Ẹ má bá a jà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ pe àwọn tó lè jẹ́rìí, kí ẹ sì lọ fi ẹjọ́ sùn ní tésàn ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà.