Okùn Aṣọ Tó Ń Dẹ̀ Láìsí Aṣọ Lórí Rẹ̀

Ẹ so okùn náílọ́ọ̀nù mọ́ òpó méjì láàárọ̀, ẹ fà á le títí tó fi ń dún bí ẹ bá ta á. Ẹ má sá aṣọ kankan sí i. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ tún un ta: kò ní dún bíi ti àárọ̀ mọ́. Òpó kò yẹ̀, ìdè kò tú. Gígùn okùn ṣì wà bó ṣe wà, agbára tó fi ń fa òpó ló ti rọ̀.

Ẹ wá fi irú okùn yẹn so garawa omi kọ́ ẹ̀ka igi. Ó máa nà díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, garawa á ti sún mọ́lẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bu omi kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹrù ló dúró sójú kan, gígùn ló ń lé.

Okùnfà méjèèjì kò yàtọ̀. Ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù, ọ̀rá àti rọ́bà ni ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín gígùn, tó lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Bí a bá fà á, ó kọ́kọ́ nà. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹ̀wọ̀n yìí á máa yọ́ kọjá lára ara wọn.

Sípíríǹgì kan àti sìríǹjì kan tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀ tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Sípíríǹgì máa ń padà síbi tó ti wá. Sìríǹjì ní tirẹ̀, bí ẹ bá fà á kíákíá, á le. Bí ẹ bá rọra fà á, á tẹ̀ lé yín. Ibi tí ẹ bá sì fi í sí ló máa wà. James Clerk Maxwell, ọmọ Skọ́tláǹdì, gbé ìṣirò irú ìwà yìí jáde lọ́dún 1867. Lónìí, a máa ń yà á bíi sípíríǹgì àti sìríǹjì tí a so ní ìdí sí orí. Bí a bá fà wọ́n, tí a sì kan orí àti ìdí wọn mọ́lẹ̀, sìríǹjì á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, sípíríǹgì á sì máa sún kì. Ẹ jẹ́ ká ní agbára kílò 10 la fi bẹ̀rẹ̀, tí àkókò ìrọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 2. Lẹ́yìn wákàtí 2, kílò 3.7 ló kù; lẹ́yìn 4, bíi 1.4, lẹ́yìn 6, ìdajì kílò.

Àmọ́ àbá yìí ń sọ pé agbára náà á tán pátápátá. Irọ́ ni, bí a bá bi rọ́bà tíúbù tí ọlọ́kadà fi ń de ẹrù, torí imí ọjọ́ ti so àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ mọ́ra. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà náà: sípíríǹgì yí ọ́ìlì ká, wọ́n jọ ń ru ẹrù. Irú ìyẹn á rọra nà, á dúró, á sì padà bí ẹrù bá kúrò. Kò kàn lè rọ̀ bí a bá de é mọ́ ibì kan ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń fi sípíríǹgì kan sí ẹ̀gbẹ́ ti Maxwell: agbára á dínkù, àmọ́ díẹ̀ á ṣẹ́ kù tí kò ní lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti okùn yín, ẹ wọn gígùn rẹ̀ kí ẹ tó so garawa, ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì, kí ẹ wá gbé garawa kúrò. Èyí tó bá fò padà lójú ẹsẹ̀, ti sípíríǹgì ni. Èyí tó bá rọra padà di ọjọ́ kejì, ti ṣọ́ọ̀kì ni. Èyí tí kò bá padà mọ́, sìríǹjì ló gbé e lọ.