Gbígbọ̀n Ni Í Kọ́kọ́ Kìlọ̀

Ẹ̀rọ oníná tí ń fa omi ìlú kì í sábà kú lójijì. Bí bíárì inú rẹ̀ bá ń jẹ, gbígbọ̀n ni í kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ooru a máa pẹ́ lẹ́yìn.

Ká ní ẹ̀rọ kan ti ń gbọ̀n ní mìlímítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún oṣù mẹ́ta. Ó di 2.6, ó di 3.4, síbẹ̀ ooru bíárì kò kúrò ní ìwọ̀n 60. Kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ̀rọ rí i pé iye náà ń gòkè, ó sì kìlọ̀ kí ó tó dé 7.1 tí í ṣe ewu. A ó pààrọ̀ bíárì lóru, omi kò ní dá lójú ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n bí ooru nìkan bá gòkè, fáànù ni kí a kọ́kọ́ wò: eruku lè ti dí i.