Láti Orí Ahọ́n Sínú Ìwé: Bí A Ti Ń Tún Ìjábọ̀ Kọ fún Ìgbìmọ̀ Olùdarí

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹnu nìkan kọ́ ni a fi ń sọ ọ́. Ojú ń sọ, ọwọ́ ń sọ, ohùn pàápàá ń sọ. Bí ẹnì kan bá ní ‘ẹja náà bàjẹ́ rẹpẹtẹ’, tí ó sì na apá méjèèjì, a ti mọ bí ó ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan náà bá dé inú ìwé, apá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di ìjábọ̀ tí ó ṣeé gbé síwájú àwọn olùdarí kò nílò ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ohun tí ó yẹ kí ó wá ni ọ̀rọ̀ tí yóò rọ́pò ojú, ọwọ́ àti ohùn. Àpẹẹrẹ kan ni n ó fi ṣe àlàyé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ni alábòójútó ilé ìtajà ẹja dídì ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Yorùbá ni ìgbìmọ̀ olùdarí ẹgbẹ́ náà fi ń ṣe ìpàdé, òun náà ni wọ́n sì fi ń gba ìjábọ̀. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wọn bàjẹ́ ní ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n kọ èyí, wọ́n sì ní kí n bá àwọn tún un ṣe:

‘Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yìí, ó ti sú wa. Lọ́jọ́ tí iná lọ yẹn, ṣàdédé ló dákẹ́ lọ́wọ́ wa. Múfú pe mẹkáníìkì, ó sọ fún un pé ó ti gbàgbé láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní ká tún un ṣe nígbà kan, ó gba owó ńlá. Ẹja bàjẹ́ rẹpẹtẹ. Òkú ajá kì í gbó, òkú àgbò kì í kàn. Ẹ yáa ra tuntun fún wa.’

Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí olùdarí tí kò sí níbẹ̀ yóò rí kà.

Èkíní, kí ni ẹni tí ó kọ ọ́ ń fẹ́? Ìlà ìparí ni ó wà, kò sì ní iye. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, a máa ń kí ènìyàn, a máa ń pa ìtàn kí a tó tọrọ ohun tí a fẹ́, nítorí pé ó bu ọlá fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní ìjábọ̀ mẹ́jọ lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé ń fẹ́ mọ ohun tí yóò fọwọ́ sí kí ó tó mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, ìlà ìparí di ìlà àkọ́kọ́.

Èkejì, mo fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ohùn: ‘yẹn’, ‘nígbà kan’, ‘owó ńlá’, ‘rẹpẹtẹ’. Mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìgbà wo, èló, mélòó? A tú ìwé ìtajà àti rìsíìtì, a sì rí ìdáhùn. Èyí tí a kò bá rí, a ó sọ pé a kò wọ̀n ọ́n tàbí pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tí a dá méfò burú ju àìsí iye lọ, nítorí olùdarí kan ṣoṣo tí ó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ kò ní gba ìyókù gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó gba ìṣọ́ra jù, inú èdè wa gan-an ni ó sì ti wá. ‘Ó sọ fún un pé ó ti gbàgbé.’ Ta ni ó gbàgbé? Ó lè jẹ́ Múfú, ó lè jẹ́ mẹkáníìkì, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá. Lójúkojú, ìtọ́ka ìka kan ti yanjú rẹ̀. Nínú ìwé, Múfú ni gbogbo ènìyàn yóò rò, owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò sì yọ. Nígbà tí mo béèrè, ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, ‘Àbúrò, kò sí ẹni tí a yan iṣẹ́ náà fún. Èmi ni n kò yàn án.’

‘Wọ́n’ náà ní wàhálà tirẹ̀. A ń lò ó fún ènìyàn púpọ̀, a ń lò ó fún àgbà kan ṣoṣo bí èmi náà ti ń lò ó fún ẹ̀gbọ́n mi níhìn-ín, a sì tún ń lò ó nígbà tí a kò mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan. ‘Wọ́n ní ká tún un ṣe’ jẹ́ alága fúnra wọn. Nínú ìjábọ̀, ẹ jẹ́ kí oyè ru ọ̀wọ̀ náà: ‘Alága fọwọ́ sí i.’

Lẹ́yìn èyí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọ̀ṣọ́ èdè: ‘n ò’ di ‘n kò’, ‘ló’ di ‘ni ó’, ‘ká’ di ‘kí a’, òwe àti ‘ṣé ẹ rí’ jáde. Bí a bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a ó kàn da aṣọ bo ihò ni. Báyìí ni ó ṣe rí nígbẹ̀yìn:

‘Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí ó fọwọ́ sí 1,150,000 náírà láti tún ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ilé ìtajà ṣe. Tuntun tí agbára wọn dọ́gba jẹ́ 4,600,000 náírà.

‘Ní Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, jẹnẹrétọ̀ náà dákẹ́ nígbà tí iná ìlú kò sí. Iná kò dé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Páálí ẹja 11 bàjẹ́. Iye tí a rà wọ́n jẹ́ 528,000 náírà. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, Alága fọwọ́ sí àtúnṣe kan tí ó gba 145,000 náírà.

‘Mẹkáníìkì sọ pé ọ́ìlì tí ó ti gbó ni ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. A kò tíì pe ẹlòmíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 250 sí ara wọn. Aago ara rẹ̀ fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 610 láti ìgbà ìpààrọ̀ tí ó kẹ́yìn. N kò yan ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ yìí. Láti ìsinsìnyí, Múfútáù ni yóò máa kọ wákàtí sílẹ̀, èmi ni n ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀.’

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n tọrọ pàápàá ti yí padà. Nígbà tí iye méjèèjì fara kan ara wọn lójú ìwé, ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn rí i pé tuntun tí a kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ yóò bàjẹ́ bí ti àtijọ́. Ẹ tún wo ‘n kò yan ẹnikẹ́ni’. Wọ́n ti fẹ́ kí n kọ ‘àìpé díẹ̀ wáyé nípa ìtọ́jú’. Gbólóhùn yẹn dán, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí ó ṣe é, olùdarí yóò sì tún béèrè ní ìpàdé.

Ọ̀nà kan wà láti dán irú iṣẹ́ yìí wò kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni. A fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà láti kà, a gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì bi í pé: kí ni wọ́n ń tọrọ, kí ni ó ṣẹlẹ̀, ta ni yóò ṣe kí ni? Aya ẹ̀gbọ́n mi ni a fi dán an wò. Wọ́n dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣẹ́jú, wọ́n sì fi kún un pé, ‘Ṣé Múfú kọ́ ló gbàgbé ni? Èmi ti rò pé òun ni.’