Ìbáramu Kì Í Ṣe Ìdájọ́: Díẹ́nẹ́è Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ní Ilé Ẹjọ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ ìlú Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì, wọ́n sì pa ju 30 ènìyàn lọ. Bí olùṣèwádìí bá wọ gbọ̀ngàn báńkì lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni yóò bá níbẹ̀? Yóò bá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́, òógùn àwọn oníbàárà tó fọwọ́ kan káńtà ní àárọ̀, ipa ọwọ́ àwọn tó sáré wọlé láti ṣe ìrànwọ́, àti bóyá ti ọ̀daràn náà. Díẹ́nẹ́è, èròjà àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara, wà nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀rí náà lè tọ́ka sí ara ẹni tí èròjà ti wá, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè sọ bí ó ṣe dé ibi tí a ti bá a.

Níbi ìṣẹ̀lẹ̀, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Bí ó bá ti fọwọ́ kan ohun kan, ó ní láti pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí ó tó kan òmíràn. Yóò fi òwú tó mọ́ nu ojú àbàwọ́n, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò sì fi í sínú àpò ìwé. Kò yẹ kí ó wà nínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí ba díẹ́nẹ́è jẹ́. Gbogbo ẹni tí àpò náà bá dé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ orúkọ, ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀.

Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ sọ díẹ́nẹ́è di púpọ̀, nítorí ohun tí òwú gbé wá lè kéré gan-an. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀ a di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìpele 28, ẹyọ kan lè ju mílíọ̀nù 268 lọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ ti ọ̀daràn di púpọ̀ náà ni yóò sọ ti àlejò tó ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀ di púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, onímọ̀ yóò ka àwọn ojú ibi kan lórí díẹ́nẹ́è tí ègé kúkúrú ti ń tún ara rẹ̀ sọ. Ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, a jogún iye kan lọ́dọ̀ bàbá, a sì jogún òmíràn lọ́dọ̀ ìyá. Bí ti afurasí bá jẹ́ 12 àti 15, tí ti àbàwọ́n náà sì jẹ́ 12 àti 15, wọ́n bára mu níbẹ̀. Bí àbàwọ́n bá ní 12, 15 àti 17, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àdàlù ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì le sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2011. Wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ ní Máńṣẹ́sítà kan ọ̀dọ́kùnrin kan láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, nítorí díẹ́nẹ́è rẹ̀ bá èyí tí wọ́n rí nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n gbà lára obìnrin náà mu. Onímọ̀ kọ ọ́ pé, bí kì í bá ṣe òun, àǹfààní kí ti ẹlòmíràn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ bára mu bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun kò dé Máńṣẹ́sítà rí. Àkọsílẹ̀ fóònù rẹ̀ fi í sí Pílímọ́ọ̀tù, ọ̀nà jíjìn réré sí ibẹ̀. Síbẹ̀, ó wà ní àtìmọ́lé fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní ọdún 2012. Ìwádìí fi hàn pé pẹpẹ oníke kan, tó yẹ kí wọ́n jù nù lẹ́yìn ìlò kan, ni wọ́n tún lò. Itọ́ rẹ̀ láti inú ọ̀ràn mìíràn ti wà lórí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé iṣirò bílíọ̀nù náà kò ní àṣìṣe kankan. Díẹ́nẹ́è ọ̀dọ́kùnrin náà ni ní tòótọ́. Ìbéèrè nípa ẹlòmíràn tó lè jọ ọ́ ni iṣirò dáhùn. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá pẹpẹ mọ́ tàbí kò mọ́.

Nítorí náà, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró lórí iṣirò nìkan. Kí ó béèrè fún àkọsílẹ̀ ọwọ́ tí àpò gbà kọjá, àti àwọn àpẹẹrẹ mìíràn tí wọ́n yẹ̀ wò ní ọjọ́ kan náà. Kí ó béèrè bóyá wọ́n fi àbájáde náà wé díẹ́nẹ́è àwọn òṣìṣẹ́. Kí ó sì béèrè ohun tí wọ́n rí nínú ìgò òfìfo, èyí tí wọn kò fi àpẹẹrẹ kankan sí ṣùgbọ́n tí wọ́n yẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí díẹ́nẹ́è bá jáde nínú rẹ̀, àdàlù ti wọlé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nínú rẹ̀, èyí kò fi hàn pé gbogbo ìgò yòókù ló mọ́.

Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà gba èrò onímọ̀ láyè ní ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n èrò ni, adájọ́ ni yóò wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí a ó gbà wọ̀n ọ́n dáadáa ni kí ilé àyẹ̀wò mìíràn tún apá tó ṣẹ́kù yẹ̀ wò. Èyí kò rọrùn nílé wa. Ilé àyẹ̀wò díẹ́nẹ́è ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017, bàjẹ́ nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú gbọ̀ngàn báńkì tí a fi bẹ̀rẹ̀, oníbàárà àárọ̀ àti ọ̀daràn ọ̀sán lè jọ wà lórí káńtà kan náà. Ẹ̀rọ yóò ka àwọn méjèèjì bí ó ṣe bá wọn. Ẹ̀rí mìíràn ni yóò sọ ẹni tó wá gbowó àti ẹni tó wá jalè.