Lẹ́tà Ìjọba Tí A Fi Fóònù Yà: Ìdí Tí Ìtumọ̀ Rẹ̀ Kì Í Fi Í Tó Lọ́dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n

Ìpínrọ̀ kékeré kan nínú òfin ìmígíréṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ báyìí pé 8 CFR 103.2(b)(3), ló sọ irú ìtumọ̀ tí ilé iṣẹ́ USCIS lè gbà. Ìwé yòówù tí èdè mìíràn bá wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odidi ìtumọ̀, kì í ṣe àyọkà. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí nǹkan méjì: àkọ́kọ́, pé ìtumọ̀ náà pé pérépéré, kò sì yà kúrò lórí ohun tí ìwé náà sọ, èkejì, pé òun gbọ́ èdè náà dé ibi tí òun fi lè túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Atúmọ̀ yóò kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀, yóò fi orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti ọjọ́ tó kọ ọ́ sí i, yóò sì fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀rí yìí ló fi ìyàtọ̀ sáàárín ìtumọ̀ lásán àti ìtumọ̀ tí a jẹ́rìí sí.

Bí a bá fi òfin yìí wo ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, a ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ẹnì kan nílé gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìjọba, ó fi fóònù yà á, ó fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Mọ̀lẹ́bí kan tó gbọ́ èdè náà ka àwòrán ọ̀hún, ó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀, ó dá a padà. Ìtumọ̀ náà lè dára gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún un. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àbùkù yẹn rọrùn láti tún ṣe, nítorí kò gbà ju kí atúmọ̀ kọ ìwé ẹ̀rí kó sì fọwọ́ sí i. Èyí tó le ni pé atúmọ̀ kò lè fi òótọ́ inú sọ pé ìtumọ̀ òun pé nígbà tí kò rí gbogbo ìwé tó ń túmọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lórí ìwé tó ti òkè òkun wá, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé ìjọba ló kọ ìwé náà lóòótọ́? Ṣé ẹ̀dà tí a fi ránṣẹ́ bá ojúlówó mu? Ṣé ìtumọ̀ bá ọ̀rọ̀ inú ẹ̀dà mu? Ẹ̀rí atúmọ̀ kò kan èyíkéyìí àfi ìbéèrè kẹta. Atúmọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní kọ ọ́ láé pé lẹ́tà náà kì í ṣe ayédèrú, torí kò sí ní ipò láti mọ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán inú fóònù ló rí, ohun tó lè jẹ́rìí sí ni pé báyìí ni ọ̀rọ̀ tí òun rí nínú àwòrán náà ṣe túmọ̀ sí. Ẹni tó bá rò pé ìtumọ̀ tí a fọwọ́ sí ti sọ àwòrán di ojúlówó ti da ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra.

Ọ̀nà tó dára jù láti rí i bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni kí á gbé e ka orí ọ̀ràn kan tó sábà máa ń kan àwọn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Ká sọ pé ọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ ní 1971 ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀. Fọ́ọ̀mù I-130 ni yóò kọ, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹ̀rí pé obìnrin náà ni ìyá rẹ̀ ni ìwé ìbí tí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé lọ béèrè ìwé ìbí yìí ní ọ́fíìsì ìlú, tí wọ́n ń pè ní mẹ́rì níbẹ̀, wọn kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀. Mẹ́rì wá kọ lẹ́tà ní èdè Faransé pé àwọn wá a, àwọn kò rí i.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ìwé kékeré. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí èèyàn fi ẹ̀rí mìíràn, irú bí ìwé ìrìbọmi tàbí ìwé ilé ẹ̀kọ́, rọ́pò ìwé ìbí tí kò sí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí aláṣẹ ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pé ìwé náà kò sí. Ó sì sọ irú lẹ́tà tó yẹ kó jẹ́. Orí bébà ìjọba ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Kí ó sọ ìdí tí àkọsílẹ̀ náà kò fi sí. Kí ó sọ bóyá irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n bí ní àkókò àti ibi kan náà. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni pé ojúlówó lẹ́tà ni òfin béèrè níhìn-ín. Fún ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn, ìwé ìbí gan-an pẹ̀lú, USCIS ń gba ẹ̀dà tó hàn ketekete, àmọ́ ó lè béèrè ojúlówó nígbàkigbà. Lẹ́tà pé ìwé kò sí wà lára àwọn tí a yọ sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́. Orí tábìlì ni wọ́n tẹ́ lẹ́tà náà sí nígbà tí wọ́n yà á, òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á sì bo apá òkè, níbi tí nọ́ńbà lẹ́tà wà. Iná fóònù ta sí òǹtẹ̀ roboto tó wà nísàlẹ̀, ìdajì rẹ̀ funfun. Ọwọ́ ni akọ̀wé fi kọ ọdún tó wá inú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n sì ti ń kọ nọ́ńbà nílé ẹ̀kọ́ Faransé, ení wọn máa ń ní ìrù gígùn lókè tó fi jọ èje lójú ẹni tó kọ́ ìwé lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èje tiwọn ní ìlà kékeré tó dábùú rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀. Nínú òjìji yẹn, 1971 di 1977 lójú àbúrò tó ń túmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn bébà náà wà tí wọn kò yà rárá. Ibẹ̀ ni mẹ́rì kọ ọ́ sí pé ìwé àkọsílẹ̀ ọdún náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn, pé àwọn ọmọ mìíràn wà nínú rẹ̀, àti pé ó jọ pé wọn kò wá forúkọ ọmọ yìí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i.

Ìtumọ̀ tó ti inú àwòrán yẹn jáde sọ pé mẹ́rì wá inú ìwé ọdún 1977, wọn kò sì rí i. Òṣìṣẹ́ tó ní páálí ọkùnrin náà níwájú rẹ̀, tó rí 1971 nínú páálí, yóò sọ pé ọdún tí wọ́n wá kì í ṣe ọdún ìbí rẹ̀. Kò rí ìdí tí ìwé kò fi sí, kò rí ọ̀rọ̀ kankan nípa àkọsílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ohun méjèèjì tí òfin béèrè wà nínú lẹ́tà, ẹ̀yìn bébà ni wọ́n sùn sí. Bí àbúrò náà bá ti fọwọ́ sí i pé ìtumọ̀ òun pé, ó ti jẹ́rìí sí ohun tí kò rí, ìbọwọ́lùwé rẹ̀ á sì wá di ohun tí wọ́n fi ń ṣiyèméjì sí àwọn ìwé yòókù.

Ohun tó sábà ń tẹ̀ lé èyí ni lẹ́tà tí USCIS fi ń béèrè ẹ̀rí sí i. Gbèdéke ìdáhùn rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, wọn kì í sì í fi kún un. Láàárín àkókò yẹn ni ojúlówó lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi gbéra láti Àjàṣẹ́, kí a tún un túmọ̀, kí ó sì dé ọwọ́ wọn. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n lè fàbọ̀ sí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé àwọn kò gbà á, owó fọ́ọ̀mù kò sì ní padà.

Kí wá ni atúmọ̀ tó mọṣẹ́ ń ṣe tó yàtọ̀? Ó máa ń béèrè ojúlówó, tàbí síkáànì tó mú iwájú àti ẹ̀yìn, tí etí bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn nínú rẹ̀. Fóònù pàápàá lè ṣe síkáànì tó dára bí ìmọ́lẹ̀ bá tó tí bébà sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà kì í ṣe fóònù ni a ń bá wí. Atúmọ̀ yóò túmọ̀ gbogbo ohun tó wà lójú bébà: orúkọ ìjọba tó wà lókè, nọ́ńbà lẹ́tà, ọ̀rọ̀ inú òǹtẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́. Níbi tí òǹtẹ̀ bá ti parẹ́ tàbí tí ìbọwọ́lùwé kò bá ṣe é kà, yóò sọ bẹ́ẹ̀ nínú àkámọ́, kò ní méfò. Bí lẹ́tà bá pe orílẹ̀-èdè náà ní Dàhòmì, bí ìwé tó ṣáájú 1975 ti máa ń pè é, Dàhòmì ni yóò fi sílẹ̀. Yóò kọ oṣù ní ọ̀rọ̀, nítorí 04/09/2023 lọ́dọ̀ Faransé jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà ló rí, yóò sọ nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé ẹ̀dà ni. Ìtumọ̀ náà ṣì jẹ́ èyí tí a jẹ́rìí sí, ẹni tó kà á sì mọ ohun tí atúmọ̀ wò. Ojúlówó lẹ́tà mẹ́rì yóò wá tẹ̀ lé e lọ, torí iṣẹ́ atúmọ̀ kò bo ìyẹn.

Àwọn kan máa ń sáré lọ sọ́dọ̀ nótárì tàbí kóòtù kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sí ìtumọ̀. A mọ bí òǹtẹ̀ kóòtù ṣe níyì tó nílé wa, ṣùgbọ́n ohun tí nótárì ń sọ kò ju pé ẹni báyìí ló fọwọ́ sí ìwé yìí níwájú òun. Kò gbọ́ Faransé, kò sì yẹ ìtumọ̀ wò. USCIS kò béèrè nótárì lórí ìtumọ̀, kò sì béèrè pé kí atúmọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kankan. Òfin náà kò dárúkọ mọ̀lẹ́bí pé kò gbọdọ̀ túmọ̀, àmọ́ ìtumọ̀ tó ti ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá ló rọrùn jù láti fura sí.

Ní Britain, ìpínrọ̀ 39B nínú òfin ìmígíréṣọ̀n wọn ló mú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tún fà á le díẹ̀. Ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, kí ó sọ pé òun bá ojúlówó mu, kí ó ní orúkọ kíkún àti ìbọwọ́lùwé atúmọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kàn sí i, kí ìjọba lè wádìí rẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó ti wà nílùú tó ń béèrè fún ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ lo atúmọ̀ tó kúnjú ìwọ̀n, kí ẹ̀rí ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ sì wà pẹ̀lú ìtumọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà nínú èyí ni pé àbúrò tó fọwọ́ sí ìtumọ̀ rẹ̀ lè kọjá lọ́dọ̀ USCIS, ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní tó fún ẹni tó ń béèrè ìgbélùú ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbáà jẹ́ orí ojúlówó lẹ́tà ló ti túmọ̀ rẹ̀.