Ẹnì Kan Ṣoṣo, Odindi Dánfó

Nínú àwàdà Taaooma, òun náà ni ìyá, òun náà ni ọmọ tí ìyá ń gbá létí. Ọgbọ́n yẹn lè kún dánfó kan láti Ojúẹlẹ́gba dé Òṣòdì.

Aṣọ kì í ṣe ìṣòro. Táwẹ́ẹ̀lì léjìká, ó di kọ́ńdọ́. Gèlè, ó di ìyá ọlọ́jà. Táì, ó di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ojú ló ń tú àṣírí. Bí kọ́ńdọ́ bá wo apá ọ̀tún nígbà tó ń gba owó, apá òsì ni ìyá gbọ́dọ̀ wò tó bá ń dá a lóhùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò dà bíi pé wọ́n kẹ̀yìn síra. Ẹ lẹ bébà mọ́ ògiri kí ojú lè rí ibi gbájú mọ́. Kí ẹ sì ya gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnì kan tán kí ẹ tó pààrọ̀ aṣọ, bí ẹ bá fẹ́ tètè sùn.

Ó yá. Kọ́ńdọ́ ń pariwo, “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Ìyá ń ṣépè. Oní-táì ń sọ sínú fóònù pé, “Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, sà.”

Ẹni tó jókòó síwájú ńkọ́? Ẹ̀yìn fìlà rẹ̀ nìkan la ti ń rí, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Bí ẹ bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ṣáájú, àwàdà ti kú nìyẹn. Ó wá yíjú padà, fóònù wà létí òun náà: “Ó dáa. Bá mi ṣílẹ̀kùn, mò ń bọ̀.”

Ibẹ̀ ni kí ẹ gé e. Ẹ má fi ẹ̀rín kọ́ńdọ́ kún un.