Ojú Ewé Tí Sísítà Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú yín ti béèrè bí a ṣe ń kọ ìwé lọ́ọ̀gì nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rán èèyàn lọ sí wọ́ọ̀dù. Ojú ewé kan ṣoṣo nínú tèmi ni n ó fi ṣàlàyé.

Inú ìwé yìí ni wọ́n to àwọn iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe sí. Níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó kọ déètì, a ó sì sọ bóyá ńṣe la wò ó, àbí a ṣe é lójú nọ́ọ̀sì, àbí àwa nìkan la dá a ṣe. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ á fọwọ́ sí i. Àyè kan tún wà nísàlẹ̀ fún ohun tí a rò nípa iṣẹ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, wọ́n ní kí n wọn ìfúnpá màmá kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni màmá ti ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó báyìí, mo wé kọ́ọ̀fù mọ́ wọn lápá. Ó jẹ́ 168 lórí 102. Mo kọ ọ́ sínú ṣáàtì, mo sì ń lọ.

Sísítà wo ṣáàtì náà. "Ti àárọ̀ àná ńkọ́?"

Mi ò wò ó. 136 lórí 82 ni.

Ó mú mi padà. Apá màmá tóbi, kọ́ọ̀fù kékeré ni mo sì lò. Bí kọ́ọ̀fù bá kéré ju apá lọ, iye tó máa gbé wá máa ń ga ju òótọ́ lọ. Sísítà mú èyí tó tóbi wá. Ó jẹ́ kí màmá sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀, kí apá wọn sì wà lórí ìrọ̀rí ní ọ̀gangan àyà. Ó di 138 lórí 84. Ó ní kí n fa ìlà kan ṣoṣo sórí iye àkọ́kọ́, kí n má pa á rẹ́, kí n kọ àkókò àti orúkọ mi sí i. Ká ní dókítà ló kọ́kọ́ rí 168 yẹn, ó lè fi kún oògùn màmá lórí irọ́.

Lálẹ́, mo kọ sínú lọ́ọ̀gì pé: "Mo wọn ìfúnpá aláìsàn. Mo kọ́ ohun púpọ̀." Mo sì máàkì pé èmi nìkan ló ṣe é.

Sísítà kà á, ó dá a padà fún mi. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo kọ́? Kọ ohun tó o rí ná, kó o tó kọ ohun tó o rò."

Ìbéèrè mẹ́fà ni mo fi tún un kọ, láti inú ètò tí Graham Gibbs gbé jáde ní 1988: kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe rí lára mi, kí ló dáa tàbí kò dáa, kí ló fà á, kí ni mo lè ti ṣe, kí ni n ó ṣe nígbà mìíràn. Èyí tó wá fọwọ́ sí nìyí:

"Mo wọn ìfúnpá obìnrin àgbàlagbà kan láìjẹ́ kó sinmi, kọ́ọ̀fù kékeré ni mo sì lò. Mo rí 168/102. Nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lú kọ́ọ̀fù ńlá: 138/84. Ojú tì mí. Mo wé kọ́ọ̀fù bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìkánjú kò jẹ́ kí n wo apá rẹ̀ tàbí iye àná. Láti ìsinsìnyí lọ, n ó wo ṣáàtì kí n tó fọwọ́ kan aláìsàn, bí iye bá sì yàtọ̀ gan-an, n ó tún un wọ̀n, n ó sì pe nọ́ọ̀sì. Ojú nọ́ọ̀sì ni mo ti ṣe é."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí orúkọ màmá níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà káàdì tàbí ti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má ṣe ya fọ́tò ṣáàtì sórí fóònù kẹ́ ẹ lè rántí. Ẹ kọ kókó mélòó kan sínú ìwé pélébé, kẹ́ ẹ sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn kan máa ń dúró dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n á wá kó ojú ewé mẹ́wàá fún nọ́ọ̀sì kan. Kò ṣòro láti mọ̀ ọ́n: bírò kan náà, gbólóhùn kan náà, nígbà mìíràn pàápàá déètì ọjọ́ tí wọn ò wá síṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin fi pé, mo ti dá ìfúnpá wọ̀n lójú Sísítà láìsí àṣìṣe. Ó fọwọ́ sí "èmi nìkan." Ojú ewé ti màmá ṣì wà lókè rẹ̀.